Sítọ́ọ̀pù kì í ṣe ògiri: ohun tí wọn ò sọ fún àbúrò mi

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù Kẹrin ọdún 2017, aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán ni fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, láti Ìbàdàn. Kò tiẹ̀ kí mi dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké: "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn alágbàtà yìí ti jà mí lólè o! Mo fi sítọ́ọ̀pù sí i. Ẹ wá wò ó, mo fi sí i!"

Òótọ́ ló sọ, ó fi sí i. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ó ta yúrò 20,000 sí dọ́là ní 1.0720. Ìyẹn ni pé bí yúrò bá wálẹ̀, ó jèrè. Bí ó bá gòkè, ó pàdánù. Ó wá fi sítọ́ọ̀pù sí 1.0760, ní ibi tí wọ́n kọ "Stop Loss" sí lójú fóònù. Ìṣirò tí olùkọ́ rẹ̀ lórí Wáàsáàpù kọ́ ọ kò le: láti 1.0720 dé 1.0760 jẹ́ 0.0040, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20,000, ó di dọ́là 80. Dọ́là 500 ló wà nínú àkáǹtì náà, owó tó ti ń tù jọ láti fi san owó ilé. Ó ní bí gbogbo nǹkan bá tiẹ̀ bàjẹ́ pátápátá, dọ́là 80 ni òun máa pàdánù, òun á sì lọ sùn.

Nígbà tí ọjà ṣí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti pa òwò náà ní 1.0900. Dọ́là 360 ti lọ, ó ku 140.

Kò sẹ́ni tó jà á lólè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ará Faransé dìbò yan ààrẹ lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an, ìpele kìíní ni. Ẹ̀rù ti ń ba ọjà pé àwọn olùdíje méjì tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù jà lè jọ wọ ìpele kejì. Nígbà tí èsì fi hàn pé Emmanuel Macron ló ṣíwájú, ara tu gbogbo èèyàn, wọ́n sì fẹ́ ra yúrò. Ṣùgbọ́n ọjà ti tì láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní ìtòsí 1.0730. Nígbà tó tún ṣí, ìtòsí 1.09 ló ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín iye méjèèjì yìí, kò sẹ́ni kankan tó ta yúrò fún ẹnikẹ́ni ní 1.0760. Àbúrò mi rò pé iye náà gba iwájú ilé òun kọjá tí alágbàtà sì di ojú. Rárá o. Kò gba ibẹ̀ rárá.

Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí mo ṣì ń rí i lójoojúmọ́ tí àwọn tó ń kọ́ yín ní fọ́rẹ́ẹ̀sì ń pe sítọ́ọ̀pù ní "ìdáàbòbò" tàbí "inṣọ́ránsì". Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mílì 12. Ká ní ẹ ní apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́wàá, ẹ sì fẹ́ jáde lọ. Ẹ wá sọ fún ọmọ tó ń bá yín tajà pé: "Bí iye apẹ̀rẹ̀ kan bá ti já sí 40,000 náírà, tà gbogbo rẹ̀." Àṣẹ tí ẹ pa nìyẹn, òun náà ni sítọ́ọ̀pù. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ ò sọ pé kó tà á *ní* 40,000. Ẹ ní kó tà á *bí ó bá ti di* 40,000. Ọmọ náà ò lè fi ipá mú oníbàárà. Nígbà tí iye bá dé ibẹ̀, á sáré wá ẹni tó fẹ́ rà. Ẹnì kan fẹ́ méjì ní 40,000. Ẹlòmíì fẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n 39,500 ló máa san. Ẹni tó máa kó márùn-ún tó kù ní 37,000 ni tòun. Bí ó bá ṣe é tán, 383,500 náírà ló máa kó lé yín lọ́wọ́, kì í ṣe 400,000. Ọmọ náà ò jalè. Ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe é. Iye tí ẹ kọ síbẹ̀ jẹ́ agogo tó ń jí àṣẹ yín. Ní kété tí ọjà bá kan iye yẹn, tàbí tó fò ó kọjá, àṣẹ náà di "tà á báyìí, ní iyekíye tó bá wà nílẹ̀". Ìgbà tí àṣẹ máa jí ni ẹ yàn. Iye tí wọ́n máa san fún yín, ọwọ́ àwọn tó dúró níwájú yín ló wà. Lọ́jọ́ tí oníbàárà pọ̀, tí kálukú wọn ń du tòmátò, iyàtọ̀ náà kéré débi pé ẹ ò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ lè fi sítọ́ọ̀pù sí òwò igba ìgbà, kí gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́, kí ẹ wá gbà pé ògiri ni. Lọ́jọ́ tí tírélà ogún bá dé lóru, tí ọjà òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 25,000, ọmọ yín máa tà á ní 25,000. Àlàfo nìyẹn, ohun tó sì bá àbúrò mi nìyẹn.

Ẹ lè ní, "Ó dáa, mi ò ní fi òwò sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé mọ́." Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àlàfo tó burú jù tí mo mọ̀ nínú ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè kò dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Swítsálàndì ti kéde pé àwọn ò ní jẹ́ kí yúrò kan wálẹ̀ ju fíráǹkì 1.20 lọ. Fíráǹkì wọn ti ń wọ́n jù, ó ń pa àwọn tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sókè òkun lára. Bí iye bá ti ń sún mọ́ 1.20, báńkì náà fúnra rẹ̀ á jáde, á máa tẹ fíráǹkì, á máa fi ra yúrò, iyekíye tí ẹ bá gbé wá. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́ta ó lé. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní ọdún 2015, igbákejì alága báńkì náà ṣì sọ pé ìlànà yẹn ṣì jẹ́ òpó tí ètò owó àwọn dúró lé.

Ẹ fojú inú wo ohun tí oníṣòwò máa ṣe. Ní 1.2010, á ra yúrò. Ṣebí báńkì ò ní jẹ́ kó já ju 1.20 lọ? Á wá fi sítọ́ọ̀pù sí abẹ́ 1.20 díẹ̀, bóyá 1.1990, "tórí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀la". Ó dà bíi pé ó gbọ́n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ro ohun kan náà, tí wọ́n kó sítọ́ọ̀pù wọn jọ sí ojú kan. Ẹ tún wò ó: ta ni oníbàárà ńlá tó dúró síbẹ̀ tó ń ra yúrò? Báńkì yẹn náà ni. Ẹni tí gbogbo sítọ́ọ̀pù wọ̀nyí ń retí pé kó rà lọ́wọ́ àwọn ni ẹni tí ìlọ rẹ̀ gan-an máa jí wọn.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yẹn, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ níbẹ̀, tó tún jẹ́ aago mẹ́wàá ààbọ̀ gẹ́lẹ́ l'Ékòó, báńkì náà kéde pé àwọn ti jáwọ́. Ó parí. Oníbàárà ńlá ti gbé ìjókòó rẹ̀ lọ. Àwọn báńkì yòókù tó máa ń fi iye hàn lójú ẹ̀rọ yọ ọwọ́ tiwọn náà kúrò, torí kò sẹ́ni tó mọ iye tí yúrò tó mọ́. Àkókò yẹn gan-an ni gbogbo sítọ́ọ̀pù abẹ́ 1.20 jí lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn ń pariwo "ẹ rà á, ẹ rà á". Kò sẹ́ni níwájú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iye náà já dé ìtòsí 0.85 lójú àwọn ẹ̀rọ kan, kó tó tún gun òkè padà sí ìtòsí 1.00 láàárín ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa, bí àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ní dọ́là 1,000. Ó ra yúrò 10,000 ní 1.2010, ó fi sítọ́ọ̀pù sí 1.1990. Ohun tó rò pé òun lè pàdánù ni 0.0020 lọ́nà 10,000, ìyẹn fíráǹkì 20, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 20. Ká ní alágbàtà rẹ̀ wá rí oníbàárà ní 1.0300, tí ó sì pa á níbẹ̀. Ìyàtọ̀ láti 1.2010 dé 1.0300 jẹ́ 0.1710. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10,000, fíráǹkì 1,710 nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: gbèsè náà, fíráǹkì ló wà, fíráǹkì ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n yẹn. Bí a bá fi dọ́là kan sí fíráǹkì 0.90, gbèsè yẹn di dọ́là 1,900. Ó ní 1,000. Ó kú 900 tó jẹ alágbàtà. Ẹni tó rò pé dọ́là 20 lòun fi ń ṣeré ni o!

Irú gbèsè yìí, tí owó inú àkáǹtì wọnú ilẹ̀, ló wó àwọn ilé-iṣẹ́ pàápàá. Oníbàárà ò lè san, alágbàtà sì gbọ́dọ̀ san fún báńkì tí òun náà ń bá ṣòwò. Ilé-iṣẹ́ FXCM ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn oníbàárà jẹ àwọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 225 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ Leucadia ló yá wọn ní mílíọ̀nù 300 kí wọ́n má baà kógbá sílé. Alpari ti Lọ́ńdọ̀nù ò rí ẹni yá a. Lọ́jọ́ kejì ló kéde pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Bí àwọn tó ni ẹ̀rọ, tó ní agbẹjọ́rò, tó ní onímọ̀ ìṣirò bá lè ṣubú bẹ́ẹ̀, kí ni sítọ́ọ̀pù ọmọ Ìbàdàn fẹ́ dá dúró?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni báńkì máa ń kó lọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Èyí tí ẹ máa ń rí jù ni ọjà tó ń sáré. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta góòlù tàbí yúrò mọ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù dáadáa, nígbà tí Amẹ́ríkà máa ń sọ iye iṣẹ́ tuntun tó wà. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni l'Ékòó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago méjì ààbọ̀ nígbà òtútù wọn. Bí ó bá ti ku ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, àwọn tó ń fi iye hàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Iye tí wọ́n fẹ́ rà á wálẹ̀, iye tí wọ́n fẹ́ tà á gòkè, àárín méjèèjì á wá fẹ̀ sí i. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń gbọ́ kí ọ̀dọ́ kan búra pé: "Iye ò kan sítọ́ọ̀pù mi rárá, ẹ wo ṣáàtì!" Ó lè jẹ́ òótọ́ ló rí lójú ṣáàtì. Ṣáàtì MT4 máa ń ya iye tí wọ́n fẹ́ fi *rà* lọ́wọ́ yín nìkan. Bí ẹ bá ti ta nǹkan sílẹ̀, ẹ máa ní láti rà á padà kí ẹ tó lè jáde, iye tí wọ́n ń *tà* á ló sì ń jí sítọ́ọ̀pù yín. Bí àárín méjèèjì bá fẹ̀, iye títà lè kan yín lórí nígbà tí ìlà ṣáàtì ṣì wà nísàlẹ̀.

Mi ò sọ pé àwọn alágbàtà jẹ́ mímọ́ o. Olè wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má pariwo olè kí ẹ tó wò ó. Ẹ lọ sí ìtàn òwò yín, ẹ wo iye tó wà lábẹ́ "S / L", kí ẹ wo iye tí wọ́n fi pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú. Kí ẹ wá ṣí àkáǹtì ìdánrawò lọ́dọ̀ alágbàtà méjì mìíràn, kí ẹ wo ìṣẹ́jú yẹn kan náà. Bí àlàfo bá wà lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ọjà ló ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiyín nìkan ni ọ̀pá gígùn kan ti yọ jáde lọ́sàn-án tí kò sí ìròyìn kankan, ẹ ní ẹ̀sùn lọ́wọ́ nìyẹn. Ohun kejì tí mo máa ń wò ni bóyá yíyọ̀ náà máa ń wáyé sí ọ̀nà méjèèjì. Bí àlàfo bá bọ́ sí ọ̀nà tí ẹ ti jèrè, àṣẹ tí ẹ fi sílẹ̀ láti kó èrè yẹ kó rí iye tó dára ju èyí tí ẹ béèrè lọ nígbà mìíràn. Alágbàtà tí iye rẹ̀ ń yọ̀ sí ìpalára yín nìkan, tí kì í yọ̀ sí àǹfààní yín láéláé, mi ò ní fi owó mi síbẹ̀.

Kí ni kéèyàn wá ṣe? Àwọn kan á ní kí ẹ fi ààlà sí i, irú àṣẹ tó ń sọ pé: "Bí ó bá kan 1.1990, tà á, ṣùgbọ́n má tà á sísàlẹ̀ 1.1950." Ó dùn létí. Lọ́jọ́ fíráǹkì yẹn, àṣẹ náà ì bá jí, kò ní rí oníbàárà, á sì dúró síbẹ̀ nígbà tí iye ń já bọ́ lọ. Ẹni tó ní i á ṣì di yúrò rẹ̀ mú ní 1.00. Oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni yúrò tó tún fojú kan 1.20, ó ju ọdún mẹ́ta lọ. Sítọ́ọ̀pù lásán dá ìjáde lójú, kò dá iye lójú. Èyí tó ní ààlà dá iye lójú, kò dá ìjáde lójú. Ẹ máa yan ọ̀kan.

Sítọ́ọ̀pù tí alágbàtà fọwọ́ sọ̀yà lé náà wà, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àlàfo bá ṣẹlẹ̀, alágbàtà ló máa ru ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gba owó lé e, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ fi í sí ìtòsí jù. Òun nìkan ló jọ inṣọ́ránsì lóòótọ́, ẹ sì rí i pé ẹ máa sanwó rẹ̀, bí inṣọ́ránsì. Ní ti gbèsè tó wọnú ilẹ̀, láti ọdún 2018 ni àwọn aláṣẹ ọjà owó ní Yúróòpù ti sọ pé alágbàtà ò gbọ́dọ̀ gba ju ohun tí aráàlú fi sínú àkáǹtì lọ. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó yọ̀. Orúkọ tó wà lójú fóònù lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ̀ka tí ẹ bá tọwọ́ bọ̀wé wà ní erékùṣù kan tí òfin yẹn ò dé.

Èmi ò gbà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tó ń ní kẹ́ ẹ fi sítọ́ọ̀pù wọn bí òwò yín ṣe máa tóbi tó. "Sítọ́ọ̀pù mi sún mọ́ tòsí, nítorí náà mo lè ra púpọ̀": gbólóhùn yẹn ló jẹ àbúrò mi ní owó ilé. Bí ẹ bá máa fi òwò sílẹ̀ sùn mọ́jú, tàbí kí ẹ gbé e wọ òpin ọ̀sẹ̀, àlàfo ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ká ní dọ́là 1,000 lẹ ní, ẹ ò sì fẹ́ pàdánù ju 50 lọ bí yúrò bá fi 0.0200 fò lóru ọjọ́ Àìkú. 50 pín sí 0.0200, yúrò 2,500 ni. Òwò 0.02 lọ́ọ̀tì nìyẹn, yúrò 2,000, bí ó bá fò bẹ́ẹ̀, dọ́là 40 ló lọ. Mo mọ̀ pé ó kéré. Àwọn ọmọ á ní "kí la máa fi èyí jẹ?" Ìṣirò náà ò mọ ebi. Bẹ́ẹ̀ sì ni fún fíráǹkì ọdún 2015, 0.0200 kò tó rárá.

Àbúrò mi ṣì ń ta yúrò. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, á fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kò sí òwò kankan níbẹ̀. Ó máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti palẹ̀ mọ́ o." Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò fi ránṣẹ́. Mo pè é, ó ní òun fi ọ̀kan sílẹ̀, 0.01 ni. Mo bi í pé, "Bí ó bá fò ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Dọ́là 20 ni, mo ti ṣírò ẹ̀."